Káàdì ọmọ ajá mi ní ó ti "parí" abẹ́rẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ péré ló sì jẹ́. Ṣé òótọ́ ni?

Ìyá Mojí, Akóbọ̀ · 28 oṣù kejì, 7:12 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ọjọ́ 21 oṣù yìí ni mo ra ọmọ ajá kan lọ́wọ́ ẹni tó ń sin ajá tà. Akọ ni, dúdú, àdàlù ajá òyìnbó àti tiwa. Wọ́n ní ọjọ́ 3 oṣù kìíní ni ìyá rẹ̀ bí i. Káàdì kan bá a wá. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló wà lórí káàdì náà, ti ọjọ́ 14 oṣù kejì, wọ́n wá fi bírò kọ "Ó ti parí" sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó tà á ní kí n má wulẹ̀ náwó kankan mọ́, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ tí mo mú un délé ni mo ṣàkíyèsí pé ikùn rẹ̀ wú, ó le bí ìlù, egungun ìhà rẹ̀ sì ń hàn. Mo ra oògùn aràn olómi ti èèyàn ní ṣọ́ọ̀bù oògùn, mo fún un ní ààbọ̀ ṣíbí ìmutíì. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó yàgbẹ́, aràn funfun gígùn bíi sùpàgẹ́ẹ̀tì ló bá a jáde. Wọ́n lọ́ mọ́ra wọn, méjì ṣì ń mira. Ọmọ mi ọmọ ọdún mẹ́rin máa ń bá ajá yìí yí nílẹ̀, ọkàn mi ò sì balẹ̀ láti ọjọ́ náà.

Lẹ́yìn èyí, aládùúgbò mi tún fún mi ní ọmọ ológbò. Kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i. Mo gbé e sórí òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn ìyẹ̀fun, ó jẹ́ 620 gíráàmù.

Abẹ́rẹ́ mélòó ló kù fún ajá yìí? Ìgbà wo ni kí n tún fún un ní oògùn aràn? Kí ni n ó ṣe fún ológbò?

---

Ọdẹ Ọ̀nà-Àrà · 7:40 àárọ̀

Ọmọ mi, má jẹ́ kí wọ́n kó ẹ láyà jẹ. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń sin ajá, ajá ọdẹ ni, kò sí èyí tí mo gún lábẹ́rẹ́ ju ti dìgbòlugi lọ. Epo pupa ni mo máa ń fún àwọn ọmọ wọn lá lẹ́yìn tí wọ́n bá ti já lẹ́nu ọmú. Ó ń fọ inú wọn. Àwọn ajá mi ń pẹ́ láyé dáadáa.

---

Fẹ́mi Ọ̀jọ́ọ̀ · 8:05 àárọ̀

Màmá, ẹ má gbé ajá yẹn lọ gba abẹ́rẹ́ kankan báyìí o. Ajá tí aràn kún inú rẹ̀, abẹ́rẹ́ ò ní ràn án. Ẹ kọ́kọ́ pa aràn náà tán pátápátá, kí ẹ dúró ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ tó máa ronú abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, ọ̀sẹ̀ méjìlá, ó parí nìyẹn. Báyìí la ṣe ṣe ti ajá ilé wa.

---

Tọ́lá Apẹ̀tẹ̀ · 8:31 àárọ̀

Èmi náà ń sin ajá tà, ọ̀rọ̀ yìí sì ká mi lára, torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ajá mi kan bí ọmọ méje. Mo fún gbogbo wọn ní abẹ́rẹ́ alápapọ̀ nígbà tí wọ́n pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún, mo tún fún wọn ní ọ̀sẹ̀ keje. Mo ta méjì. Márùn-ún kù sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n pé ọ̀sẹ̀ kọkànlá, ọ̀kan kọ oúnjẹ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Nígbà tó di alẹ́, ó ń bì ìtọ́ aláwọ̀ ìyeyè. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti ń ya ẹ̀jẹ̀. Pávò ni wọ́n ń pe àrùn ìfun tó ń pa ọmọ ajá yìí. Ẹni tó bá ti gbóòórùn ìgbẹ́ rẹ̀ rí kò ní gbàgbé ẹ̀, ó dà bí irin tó dípẹtà tí wọ́n pò mọ́ ẹran tó ti bàjẹ́. Láàárín ọjọ́ mẹ́fà, mẹ́ta ti kú. Méjì yè é, ìyẹn lẹ́yìn tí wọ́n fa omi sí wọn lára lọ́sàn-án lóru.

Abẹ́rẹ́ méjì ni wọ́n gbà o, wọ́n sì tún kú! Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti gbà pé ayédèrú ni abẹ́rẹ́ tí mo rà, tàbí pé àìsí iná ló bà á jẹ́ nínú fíríìjì ẹni tó tà á. Nítorí náà, Ìyá Mojí, kì í ṣe iye abẹ́rẹ́ ló ṣe pàtàkì. Ẹ wá ibi tí fíríìjì wọn dára.

---

Dókítà Ẹranko, Agbowó · 9:20 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe lójoojúmọ́ nìyí, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ dáhùn.

Ìyá Mojí, káàdì yẹn ò parí nǹkan kan. Abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹfà ni wọ́n fún un, ó sì ṣeé ṣe kó má mú rárá. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ ajá Tọ́lá, bí mo ṣe rò ó.

Láàárín ọjọ́ kan péré lẹ́yìn tí wọ́n bá bí ọmọ ajá, wàrà àkọ́kọ́ tó ń mu lọ́mú ìyá rẹ̀ ni àjẹsára ìyá fi ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ wò ó bí ọlọ́dẹ tí ìyá gbà sẹ́nu géètì ọmọ. Iṣẹ́ ọlọ́dẹ yìí ni kó má jẹ́ kí pávò wọlé. Àmọ́ inú abẹ́rẹ́ pávò, pávò náà ló wà níbẹ̀, wọ́n kàn ti sọ ọ́ di aláìlágbára ni. Ọlọ́dẹ ò mọ ìyàtọ̀. Bó ṣe ń lé olè ló ń lé àlejò. Ó máa lé abẹ́rẹ́ náà dànù kí ara ọmọ tó kọ́ ohunkóhun lára rẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ni agbára ọlọ́dẹ yìí ń tán. Nínú ọmọ ajá kan, ó lè tán ní ọ̀sẹ̀ kẹfà tàbí kẹjọ. Nínú òmíràn tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, ó lè tó ọ̀sẹ̀ kẹrìndínlógún. Ìgbà kan sì wà láàárín tó léwu jù, ìyẹn ìgbà tí ọlọ́dẹ ò lágbára tó láti dá pávò gidi tó wá látìta dúró mọ́, àmọ́ tó ṣì lágbára tó láti lé abẹ́rẹ́. Àwọn ọmọ ajá Tọ́lá gba abẹ́rẹ́ ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún àti ìkeje, nígbà tí ọlọ́dẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kọkànlá, ọlọ́dẹ ti lọ, abẹ́rẹ́ ò sì sí nínú ara wọn.

Ìdí nìyí tí a fi ń tún un gún. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé abẹ́rẹ́ kejì ń fi kún ti àkọ́kọ́ bí ìgbà tí èèyàn ń dá àjọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí à ń wá ni ẹyọ kan tí yóò bọ́ sí ìgbà tí ọlọ́dẹ ti lọ, a ò sì mọ ọjọ́ tó ń lọ. Nítorí náà, a ń gún un ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin síra wọn, èyí tó kẹ́yìn kò sì gbọdọ̀ ṣáájú ọ̀sẹ̀ kẹrìndínlógún. Fẹ́mi, ibi tí tìẹ ti kù díẹ̀ káàtó nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ kejìlá ni wọ́n ń parí sí láyé àtijọ́. Àwọn ọmọ ajá kan wà tí àjẹsára ìyá wọn ṣì wà digbí ní ọ̀sẹ̀ kejìlá.

Fún ajá tiyín, Ìyá Mojí, báyìí ni mo ṣe rò ó. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lónìí gan-an. Ẹ jẹ́ kó gba èkejì ní ọjọ́ 7 oṣù kẹta, ìyẹn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ti àkọ́kọ́. Kó gba ẹ̀kẹta ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta nígbà tó bá pé ọ̀sẹ̀ méjìlá, kó sì gba ti dìgbòlugi lọ́jọ́ náà, torí pé a kì í gún ti dìgbòlugi ṣáájú ọ̀sẹ̀ méjìlá. Èyí tó kẹ́yìn yóò bọ́ sí ọjọ́ 25 oṣù kẹrin, nígbà tó bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún. Bí ọjọ́ kan bá pẹ́ díẹ̀, kò burú. Kó má ṣáà ṣáájú ọjọ́ rẹ̀ ni ti ìkẹyìn yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni orúkọ tó wà lára ìgò oògùn aràn tí ẹ fún un? Mo fẹ́ mọ̀ kí n tó sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn.

---

Ìyá Mojí, Akóbọ̀ · 9:48 àárọ̀

Ẹ ṣeun púpọ̀, dókítà. Mo lọ wò ó. Páírántẹ̀lì ni wọ́n kọ síbẹ̀, 250 mílígíráàmù nínú mílílítà márùn-ún.

---

Bàbá Kékeré, Mọ́níyà · 10:02 àárọ̀

Ẹ dákun, ẹ má bínú pé mo já lù yín. Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ dìgbòlugi yìí ni mo fẹ́ bi yín. Ọmọ ajá ilé kejì bu ọmọkùnrin mi jẹ lánàá, ọmọ ajá oṣù méjì ni. Ẹ̀jẹ̀ jáde díẹ̀ lọ́mọ ìka. Wọ́n ní ajá kékeré kì í ní dìgbòlugi. Ṣé kí n fún ọmọ mi ní páírántẹ̀lì yẹn náà?

---

Dókítà Ẹranko, Agbowó · 10:09 àárọ̀

Bàbá Kékeré, ẹ fi ohun tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́ sílẹ̀. Páírántẹ̀lì ò kan dìgbòlugi rárá, oògùn aràn inú ni. Ọmọ ajá lè ní dìgbòlugi bí ìyá rẹ̀ tàbí ajá mìíràn bá ti bù ú jẹ, ajá oṣù méjì ò sì tíì gba abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ó ti di àná, kí ẹ sì gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn èèyàn lónìí. Kì í ṣe lọ́la. Ẹ sọ fún wọn pé ajá tí kò gba abẹ́rẹ́ ló bù ú jẹ. Wọn yóò ṣètò abẹ́rẹ́ fún un. Kí ẹni tó ni ajá náà so ó mọ́lẹ̀, kí wọ́n má pa á, kí ẹ máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹ má tìtorí pé ẹ ń ṣọ́ ọ dúró kí ẹ tó gbé ọmọ lọ.

---

Bàbá Kékeré, Mọ́níyà · 10:15 àárọ̀

Ó yé mi. A ti ń lọ.

---

Dókítà Ẹranko, Agbowó · 10:44 àárọ̀

Ó dára. Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ aràn.

Ìyá Mojí, Ọlọ́run bá yín ṣe é. Ààbọ̀ ṣíbí ìmutíì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílílítà méjì àtààbọ̀. Ó lé ní ìlọ́po mẹ́jọ ohun tó yẹ ọmọ ajá kílò mẹ́ta. Páírántẹ̀lì kì í pọ̀ wọ ara láti inú ìfun, òun ló fi jẹ́ pé nǹkan kan ò ṣe é. Ká ní lẹfamisọ́ọ̀lù, oògùn aràn mìíràn, ni wọ́n tà fún yín ni, ọ̀rọ̀ ìbá yàtọ̀, torí òun náà wà nínú ìgò olómi, àyè tó wà láàárín ìwọ̀n tó ń wo ajá sàn àti ìwọ̀n tó ń ṣe é léṣe kéré gan-an. Ajá tó bá gbà á jù máa ń da ìtọ́, ó máa ń gbọ̀n, ó lè kú.

Nítorí náà, òṣùwọ̀n ló ṣáájú. Ẹ gbé ajá náà dání, kí ẹ gun òṣùwọ̀n, kí ẹ wá gun ún láìgbé ajá, kí ẹ yọ èkejì kúrò nínú èkínní. Ká sọ pé ó jẹ́ kílò mẹ́ta. Mílígíráàmù márùn-ún fún kílò kan, ó di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìgò tiyín ní àádọ́ta mílígíráàmù nínú mílílítà kan. Mílílítà 0.3 péré ni ajá kílò mẹ́ta nílò. Sírínjì mílílítà kan tí a ti yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀ kúrò ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, ẹ má fi ṣíbí wọ̀n ọ́n mọ́.

Àwọn aràn bíi sùpàgẹ́ẹ̀tì yẹn, inú ìyá rẹ̀ ló ti kó wọn wá. Wọ́n máa ń sùn sínú ẹran ara abo ajá, oògùn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ bá wọn níbẹ̀. Bó bá lóyún, wọ́n á jí, wọ́n á gba inú ibi ọmọ wọ inú àwọn ọmọ rẹ̀ kí wọ́n tó bí wọn rárá. Àwọn mìíràn á tún bá wàrà wọlé. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ kejì ló yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí fún ọmọ ajá ní oògùn aràn, kí wọ́n máa fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì títí di ọ̀sẹ̀ kẹjọ.

Èyí tó jáde lọ́jọ́ kejì, àwọn tó ti dàgbà nínú ìfun ni oògùn pa. Ọmọ wọn tó wà nínú ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró kò gbọ́ nípa oògùn náà rárá. Ajá á wúkọ́ wọn sókè, á gbé wọn mì, wọ́n á sì padà sínú ìfun lọ dàgbà. Ẹ fún un lẹ́ẹ̀kan sí i ní ọjọ́ 7 oṣù kẹta, ó pé ọ̀sẹ̀ méjì geere, ó sì bọ́ sí ọjọ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa fún un lóṣooṣù títí yóò fi pé oṣù mẹ́fà. Láti ibẹ̀ lọ, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta.

Ti ọmọ yín: ẹyin aràn tó wà nínú ìgbẹ́ tútù ò tíì lè ran èèyàn. Ó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó lè ran èèyàn. Bí ẹ bá ń kó ìgbẹ́ ajá náà lójoojúmọ́, tí ọmọ sì ń fọwọ́ kó tó jẹun, ẹ ti gé e lójú ọ̀nà. Iyẹ̀pẹ̀ tí ajá ti yàgbẹ́ sí lóṣù tó kọjá ni kí ẹ bẹ̀rù.

---

Fẹ́mi Ọ̀jọ́ọ̀ · 11:10 àárọ̀

Dókítà, mo gba ti ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí wọ́n fún un ní oògùn aràn àti abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Ibi tí a ti ń gba tiwa, wọn kì í gún ajá tí kò bá gba oògùn aràn ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú.

---

Dókítà Ẹranko, Agbowó · 11:26 àárọ̀

Ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò ní pè wọ́n lálásọdùn. Ọmọ ajá tí aràn ti fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbẹ, tí èrìgì rẹ̀ funfun bíi tákàdá, tí kò lè dìde, èmi náà ò ní gún un lọ́jọ́ náà. N ó kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ajá Ìyá Mojí ń jẹun, ó ń ṣeré, kò gbóná. Ewu kí pávò bá a nínú ọ̀sẹ̀ tí a fi ń dúró pọ̀ ju ewu kí abẹ́rẹ́ má mú lọ. Bí ẹni tó ń tọ́jú ajá yín bá fẹ́ kó ṣáájú, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ díẹ̀. Kó má di oṣù.

---

Ọdẹ Ọ̀nà-Àrà · 12:03 ọ̀sán

Dókítà, mo ń ka ọ̀rọ̀ yín. Ẹ ò sọ nǹkan kan lórí epo pupa mi.

---

Dókítà Ẹranko, Agbowó · 12:30 ọ̀sán

Bàbá, ẹ kú ọ̀sán, sà. Epo pupa lè mú kó yàgbẹ́, aràn kan tàbí méjì sì lè bá ìgbẹ́ náà jáde, ẹni tó bá rí i á ní ó ṣiṣẹ́. Kì í pa wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bi yín: bí abo ajá yín bá bí mẹ́fà, mélòó ló máa ń kù nígbà tí wọ́n bá pé oṣù mẹ́ta?

---

Ọdẹ Ọ̀nà-Àrà · 12:41 ọ̀sán

Méjì. Nígbà mìíràn mẹ́ta. A máa ń sọ pé èyí tó le ló ń yè.

---

Tọ́lá Apẹ̀tẹ̀ · 1:15 ọ̀sán

Bàbá, bí tèmi náà ṣe rí nìyẹn kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí fún wọn ní oògùn aràn ní ọ̀sẹ̀ kejì. Àwọn tó ń kú yẹn, ẹ wo èrìgì wọn. Tèmi máa ń funfun, ìgbẹ́ wọn á dúdú bí ọ̀dà. Dókítà tó wò wọ́n sọ pé irú aràn mìíràn ni, tínrín bí òwú, tó ń fi eyín dì mọ́ ìfun tó sì ń mu ẹ̀jẹ̀, inú wàrà ìyá ni wọ́n ti ń kó o. Páírántẹ̀lì kan náà ló ń pa á.

Dókítà Agbowó, mo gba ti ọlọ́dẹ yẹn. Ó dùn mí pé kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi nígbà náà. Ṣùgbọ́n mi ò tíì fọkàn kúrò lórí fíríìjì. Ibi tí mo ti rà á, wọ́n mú un jáde látinú fíríìjì tí iná ò sí lára rẹ̀, ìgò náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Èmi ni mo gbé e lọ sílé nínú ọ̀rá.

---

Dókítà Ẹranko, Agbowó · 1:52 ọ̀sán

Ó lè jẹ́ méjèèjì, Tọ́lá. Mi ò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé kì í ṣe fíríìjì. Ìwọ̀n òtútù láàárín 2 sí 8 ló yẹ kó wà látọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Bó bá gbóná, kòkòrò inú rẹ̀ á kú, kò sì sí bí ojú ṣe lè mọ̀.

Ohun tí ẹni tó ni ajá lè wò ni pé kí wọ́n gbé ìgò jáde lójú rẹ̀ látinú fíríìjì tàbí inú kúlà tí yìnyín wà. Ìyẹ̀fun gbígbẹ ló máa ń wà nínú ìgò kan, omi á wà nínú èkejì. Ojú yín ni kí wọ́n ti pò ó, kí wọ́n sì gún un lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Èyí tí wọ́n ti pò sínú sírínjì láti àárọ̀, ẹ má gbà á. Wọn yóò bó bébà ara ìgò, wọn yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ káàdì, wọn yóò kọ ọjọ́, wọn yóò sì fọwọ́ sí i. Káàdì tí kò ní bébà yẹn, bíi ti Ìyá Mojí tí wọ́n fi bírò kọ, mi ò lè mọ ohun tí wọ́n gún.

---

Ológbò Mẹ́ta, Bódìjà · 3:20 ọ̀sán

Ẹ kú ìjíròrò o. Ajá, ajá, ajá! Ẹ ti gbàgbé ọmọ ológbò.

Ìyá Mojí, 620 gíráàmù yẹn, mo rò pé ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọmọ ológbò tó ń jẹun dáadáa máa ń fi bí ọgọ́rùn-ún gíráàmù kún ara rẹ̀ lọ́sẹ̀. Ẹ la ẹnu rẹ̀ wò. Bí eyín ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn bá ti ń yọ, ó ti kọjá ọ̀sẹ̀ kẹrin dáadáa.

Aràn ológbò kì í wọlé látinú oyún bíi ti ajá, inú wàrà ló ń gbà. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ kẹta ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀. Tiyín ti pẹ́, ẹ fún un lónìí, páírántẹ̀lì kan náà, kí ẹ fi sírínjì wọ̀n ọ́n. Ẹ tún un fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì, àti ọ̀sẹ̀ méjì sí i, kó tó di oṣooṣù títí di oṣù mẹ́fà.

Bí ẹ bá rí nǹkan bí hóró ìrẹsì tó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, tó tiẹ̀ ń rìn díẹ̀ kó tó gbẹ, aràn pẹlẹbẹ nìyẹn. Páírántẹ̀lì ò lè mú un. Mo fi oṣù mẹ́ta gbáko dà páírántẹ̀lì sí ológbò mi lẹ́nu kí wọ́n tó sọ fún mi pé pirasikuántẹ̀lì ni ti ìyẹn. Ó sì tún padà wá, torí àwọn kòkòrò kéékèèké tó ń fò nínú irun rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e kiri. Ológbò á lá ara rẹ̀, á gbé kòkòrò mì, aràn náà á bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Àfi kí ẹ pa kòkòrò irun náà pọ̀.

Ti abẹ́rẹ́: ológbò ní tirẹ̀, mẹ́ta nínú ọ̀kan. Ẹnì kan gún ológbò mi àkọ́kọ́ ní abẹ́rẹ́ ajá, ó ní nǹkan kan náà ni. Kì í ṣe nǹkan kan náà. Ó kú ní oṣù kẹrin. Ó bì, ó ń sún mọ́ abọ́ omi láìlè mu, ọjọ́ méjì péré. Kì í rọrùn láti rí abẹ́rẹ́ ológbò ní Ìbàdàn, ẹ fóònù ṣáájú kí ẹ tó gbé e lọ.

---

Dókítà Ẹranko, Agbowó · 3:58 ọ̀sán

Mo ti gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn, mà. Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú àmúmọ́ra. Abẹ́rẹ́ mẹ́ta-nínú-ọ̀kan náà lè bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ fún ológbò Ìyá Mojí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin síra wọn, ìkẹyìn rẹ̀ náà ní ọ̀sẹ̀ kẹrìndínlógún, torí ọlọ́dẹ wà lẹ́nu géètì ológbò pẹ̀lú. Nígbà tí a ò mọ ọjọ́ ìbí, ẹ kà á sí kékeré dípò kí ẹ kà á sí àgbà, kí ìkẹyìn má baà bọ́ sí ìgbà tó ti yá jù.

Ti dìgbòlugi, oṣù mẹ́ta. Kí ẹ sọ pé ológbò ni kí wọ́n tó fa nǹkankan sínú sírínjì. Àwọn abẹ́rẹ́ dìgbòlugi kan wà tí kòkòrò inú wọn ṣì wà láàyè, tí wọ́n ṣe fún ajá nìkan. Èyí tí wọ́n ti pa kòkòrò inú rẹ̀ ni ti ológbò.

---

Tọ́lá Apẹ̀tẹ̀ · 4:30 ọ̀sán

Ìbéèrè kan ṣì kù. Lẹ́yìn ti ọ̀sẹ̀ kẹrìndínlógún, ṣé ó di ọdún kan nìyẹn? Ẹlòmíràn ní oṣù mẹ́fà.

---

Dókítà Ẹranko, Agbowó · 4:47 ọ̀sán

Àríyànjiyàn wà lórí ìyẹn láàárín àwa náà. Ọdún kan ni ọ̀pọ̀ ń sọ. Èmi fara mọ́ oṣù mẹ́fà, torí bí ẹyọ ajá kan bá wà tí ti ọ̀sẹ̀ kẹrìndínlógún ò mú, kí ló dé tí a ó fi fi í sílẹ̀ ní ìhòòhò títí di ọdún kan? Fún ajá Ìyá Mojí, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje nìyẹn. Ti dìgbòlugi ní tirẹ̀, ọdún kan lẹ́yìn ti àkọ́kọ́ ni.

---

Fẹ́mi Ọ̀jọ́ọ̀ · 5:05 ìrọ̀lẹ́

Wọ́n máa ń gún ti dìgbòlugi lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà mìíràn ní àyájọ́ rẹ̀, ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án. Ṣé ẹ ò lè dúró dìgbà náà?

---

Tọ́lá Apẹ̀tẹ̀ · 5:11 ìrọ̀lẹ́

Ajá náà á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé oṣù mẹ́sàn-án, Fẹ́mi! Ọmọ ọdún mẹ́rin wà nílé. Ọ̀fẹ́ yẹn dára fún ajá tó ti dàgbà, tó fẹ́ gba ti ọdọọdún.

Ìyá Mojí, ẹ dákun, ohun kan tí mo fi ẹ̀mí ajá mẹ́ta kọ́: ẹ má gbé e sílẹ̀ níta títí di oṣù karùn-ún, pàápàá níbi tí ajá tí ẹ ò mọ̀ ti ń yàgbẹ́. Pávò lè wà nínú ilẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Ẹ lè gbé e dání kó máa wo ìgboro, kò burú. Bí ajá kan bá ti kú nínú ọgbà yín rí, ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ sìmẹ́ńtì rẹ̀ kó mọ́, kí ẹ wá da háípò sí i, ife kan sínú ogún ife omi, kí ó jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ìdọ̀tí bá ṣì wà níbẹ̀, háípò ò ní ṣiṣẹ́.

---

Ìyá Mojí, Akóbọ̀ · 7 oṣù kẹta, 4:36 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. A lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn láàárọ̀ yìí.

Kílò 3.1 ni ajá náà jẹ́. Wọ́n wo èrìgì rẹ̀, wọ́n ní ó pọ́n dáadáa. Ìgò méjì náà, ojú mi ni wọ́n ti pò ó, bébà rẹ̀ wà lórí káàdì tuntun báyìí. Mo béèrè nípa oògùn aràn, wọ́n fún un lọ́jọ́ kan náà, wọn ò bá mi jà. Ikùn rẹ̀ ti sọ̀. Òwúrọ̀ ni mo máa ń kó ìgbẹ́ rẹ̀ kí Mojí tó jí.

Ti ológbò, wọn ò ní abẹ́rẹ́ mẹ́ta-nínú-ọ̀kan lọ́wọ́, wọ́n ní kí n fóònù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n fún un ní páírántẹ̀lì, 730 gíráàmù ló jẹ́ báyìí. Hóró ìrẹsì kan wà nídìí rẹ̀ láàárọ̀ yìí o, Ológbò Mẹ́ta. Mo fi tépù lẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà, mo gbé e lọ fún wọn.

---

Ológbò Mẹ́ta, Bódìjà · 4:50 ìrọ̀lẹ́

Ṣé wọ́n fún un ní pirasikuántẹ̀lì?

---

Ìyá Mojí, Akóbọ̀ · 4:58 ìrọ̀lẹ́

Wọ́n fún un. Wọ́n tún fún mi ní kọ́ọ̀mù eléyín tóóró pé kí n máa fi ya irun rẹ̀, kí n máa ri kòkòrò náà sínú omi ọṣẹ. Mo ti rí mọ́kànlá.

---

Bàbá Kékeré, Mọ́níyà · 6:14 ìrọ̀lẹ́

Ọmọ mi ti gba mẹ́ta nínú abẹ́rẹ́ tirẹ̀. Ajá náà ṣì wà láàyè, ó ń jẹun, ọ̀la ni yóò pé ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹni tó ni ín ní òun yóò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko ìjọba ní Mókọ́lá bó bá ti pé oṣù mẹ́ta. Mo ti kọ ọjọ́ náà sára ògiri ilé tèmi.